Ìṣẹ́jú-àáyá Díẹ̀ Láàárín Fídà àti Ínkọ́mà

Bí atẹ́gùn òjò bá gbé páànù kan lu wáyà 11 kV ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàríga, kò sẹ́ni tí yóò bínú jù pé iná Ìlàjẹ lọ. Ohun tó ń bí àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú nínú ni pé iná tiwọn náà lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ láìnì mìíràn ló ń gbé iná wá fún wọn. Ẹ̀rọ tó ti ń tẹ ìwé bọ̀ dúró lójijì, bébà há sí i lára, ẹni tó wá gba ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ̀ sì di ẹni tó jókòó ń retí jẹnẹrétọ̀. Gbogbo ènìyàn á ní NEPA ti tún ṣe tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí NEPA ti kógbá wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fà á kò ju pé ẹ̀rọ méjì tí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan náà kò fi àyè tó tó sílẹ̀ láàárín ara wọn. Àyè tí à ń wí yìí kò sì tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ iná náà díẹ̀. Iná agbára ńlá máa ń wọ ìlú lórí láìnì 330 kV àti 132 kV. Ní ibùdó ńlá bí èyí tó wà ní Àkókà, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 33 kV, láti ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ apínná yóò ti gbà á. Ní àgbègbè Ṣómólú àti Bàríga, iléeṣẹ́ náà ni Ìkẹjà Ẹlẹ́kítíríìkì, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba nígbà tí wọ́n ta àwọn iléeṣẹ́ apínná ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Láìnì 33 kV yìí á wá wọ ibùdó kékeré kan láàárín àdúgbò, níbi tí tiransifọ́mà ńlá kan ti máa sọ ọ́ di 11 kV. Iná 11 kV yìí ń jáde láti inú tiransifọ́mà gba ẹnu bíréékà kan ṣoṣo, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní ínkọ́mà, ó sì ń bọ́ sórí ọ̀pá bàbà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní bọ́sìbà. Láti ara bọ́sìbà yìí ni àwọn fídà ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti bíréékà tirẹ̀: ọ̀kan lọ sí Ìlàjẹ, ọ̀kan sí apá Pẹ́dírò, òmíràn sí àdúgbò àwọn onítẹ̀wé. Tiransifọ́mà orí òpó tó wà ní ojúlé wa ń mu láti ara àwọn fídà wọ̀nyí.

Bí ínkọ́mà bá ṣí, gbogbo fídà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti wá ní owó nínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC ti sọ pé àwọn tí fídà wọn wà ní ìpele A, tó yẹ kó ní iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, yóò máa san owó tó ga ju ti àwọn yòókù lọ. Fídà ni wọ́n fi ń pín ìpele, kì í ṣe ibùdó. Nítorí náà, fídà ìpele A lè wà lórí bọ́sìbà kan náà pẹ̀lú fídà tí ń rí iná ní wákàtí mélòó kan péré. Bí fọ́ọ́tì orí èyí tí kò rí iná tó bá ń ṣí ínkọ́mà, wákàtí tí wọ́n ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ìpele A ló ń ṣòfò.

Bíréékà fúnra rẹ̀ kò ní làákàyè. Síwíìṣì alágbára lásán ni, tó lè gé iná ńlá láìjóná. Rílè ló ń ronú fún un. Ẹ̀rọ ìwọnná kan tí wọ́n ń pè ní síítì máa ń yí wáyà ńlá ká, á sì sọ iná tó ń kọjá di kékeré tí rílè lè gbà: bí wọ́n bá kọ 400/1 sára rẹ̀, 400 ámpíà lórí wáyà yóò di 1 ámpíà nínú rílè. Bí rílè bá rí i pé iná ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì ti pẹ́ tó bó ṣe yẹ, á fi agbára bátìrì ibùdó rán bíréékà níṣẹ́ pé kó ṣí. Mo dárúkọ bátìrì ní pàtàkì. Rílè tó dára jù lọ ní àgbáyé kò lè ṣí bíréékà bí bátìrì bá ti kú, ibùdó tí wọn kì í wo omi bátìrì rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí àwọn ọ̀gá fẹ́ gbọ́ lọ.

Ohun méjì ni wọ́n ń tò sára rílè. Èkíní ni iye iná tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò, tí à ń kọ sílẹ̀ bíi Is. Èkejì ni ìwọ̀n àkókò náà fúnra rẹ̀, TMS. Nínú àwọn rílè àtijọ́, irú CDG tó ṣì wà lára pánẹ́ẹ̀lì ní ọ̀pọ̀ ibùdó ilẹ̀ yìí, ẹ lè fojú rí TMS. Àwo pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí iná máa ń mú yí. Bí iná bá ti pọ̀ tó ni àwo ṣe ń yára tó, tó bá sì yí dé òpin, á so ẹnu wáyà méjì pọ̀, bíréékà á sì ṣí. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń yí nígbà tó bá ń to TMS ni ibi tí àwo náà yóò ti gbéra. Ní 1, ó ní láti rin gbogbo ọ̀nà, ní 0.1, ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀nà ló kù fún un. Rílè ayé òde òní kò ní àwo, kọ̀ǹpútà kékeré ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ló ń ṣe:

```
t = TMS × 0.14 / ((I/Is)^0.02 − 1)
```

Níbí, I ni iná tó ń kọjá, t sì ni àkókò ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìlà tí ìṣirò yìí ń fà ni ojú rílè máa ń pè ní Standard Inverse. Bí iná bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá Is, tí TMS sì jẹ́ 1, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 3 ni yóò gbà. Gbogbo ẹni tó ń dán rílè wò ló mọ nọ́ńbà 3 yìí lórí. Ẹ kíyè sí i pé àwọn rílè tí wọ́n to ní ìlànà Amẹ́ríkà ń lo ìṣirò mìíràn, nọ́ńbà tó wà lójú Time Dial tiwọn sì lè ju 10 lọ. 1 tiwọn kì í ṣe 1 tiwa, ẹni tó bá sì da nọ́ńbà kan kọ látinú ìwé kan sínú òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà láìmọ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìtòtẹ̀léra. Iná fọ́ọ́tì tó ń ṣàn lọ sí Ìlàjẹ kò lè dé ibẹ̀ láìkọjá lára ínkọ́mà. Rílè méjèèjì ló ń rí i, àwọn méjèèjì ló sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà lẹ́sẹ̀ kan náà. Kò sí wáyà kankan láàárín wọn tí ọ̀kan fi lè sọ fún èkejì pé "fi í sílẹ̀ fún mi." Àkókò nìkan ni èdè tí wọ́n ní. Ínkọ́mà dà bí àgbà ilé tó rí ọmọ tó ń jà lójúde ṣùgbọ́n tó ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà kọ́kọ́ dá sí i. Bí ẹ̀gbọ́n kò bá lè yanjú rẹ̀, nígbà náà ni àgbà yóò dìde.

Báwo ni sùúrù náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Ká kó o jọ. Lẹ́yìn tí rílè fídà bá ti pàṣẹ, bíréékà rẹ̀ nílò nǹkan bí 0.1 ìṣẹ́jú-àáyá kí ẹnu rẹ̀ tó là, kí iná inú rẹ̀ sì tó kú. Àwo rílè àtijọ́ tí iná bá ti gbá lọ kì í dúró lójú ẹsẹ̀ tí iná bá gé. Á ṣì fi ipá tó ti ní tẹ́lẹ̀ yí díẹ̀ sí i, ká pe èyí ní 0.05. Kò sí rílè tàbí síítì tí kì í ṣì díẹ̀, àṣìṣe àwọn méjèèjì pa pọ̀ lè tó 0.15. Àwọn ẹnjinníà á wá fi 0.1 kún un fún ìfọ̀kànbalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 0.4 ìṣẹ́jú-àáyá. Pẹ̀lú rílè kọ̀ǹpútà tí kò ní àwo àti bíréékà tó yára, wọ́n lè mú un wá sí 0.3. Kí ó tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́tẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò fún ibùdó kan. Nọ́ńbà tí mo máa lò jẹ́ irú èyí tí ènìyàn ń bá pàdé ní ibùdó àárín àdúgbò, èmi ni mo yàn wọ́n fún àlàyé, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ibùdó kan pàtó. Tiransifọ́mà 15 MVA ni, 33 kV sí 11 kV. Bí ó bá gbé ẹrù rẹ̀ tán, 787 ámpíà ni yóò máa ti ẹnu ínkọ́mà jáde. Ìdènà inú tiransifọ́mà náà jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi ìdènà láìnì àti ti ibùdó ńlá kún un, ká ní ó di ìdá mẹ́tàlá. Wáyà mẹ́ta tó bá para pọ̀ lẹ́nu fídà, lẹ́yìn ògiri ibùdó gan-an, yóò fa 787 tí a pín sí 0.13, ìyẹn nǹkan bí 6,000 ámpíà. Iná tó pọ̀ jù lọ tí rílè méjèèjì yóò jọ rí nìyí, níbẹ̀ sì ni a ti máa wọn àlàfo àárín wọn.

Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti òkè. Ká ní fídà Ìlàjẹ máa ń gbé 300 ámpíà ní alẹ́ tí gbogbo ilé bá tanná. A fi Is rẹ̀ sí 400, kí ó má baà máa bá ẹrù lásán jà. TMS rẹ̀ jẹ́ 0.1, torí pé lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nǹkan mìíràn ju fíúsì orí òpó lọ, fíúsì sì máa ń yára jóná tí iná bá pọ̀ gan-an. 6,000 jẹ́ ìlọ́po 15 nínú 400. Bí ẹ bá kó o sínú ìṣirò, 0.25 ìṣẹ́jú-àáyá ló bọ́ sí.

Ó kan ínkọ́mà. Is rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju 787 lọ, kí tiransifọ́mà lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé. A fi í sí 880. Iná 6,000 jẹ́ ìlọ́po 6.8 nínú èyí, bí TMS bá sì jẹ́ 1, yóò gba nǹkan bí 3.58 ìṣẹ́jú-àáyá. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ ni 0.25 ti fídà pẹ̀lú 0.4 àlàfo, ìyẹn 0.65. Ẹ pín 0.65 sí 3.58, ẹ ó rí 0.182. A kì í fà á sílẹ̀ sí 0.18, a máa ń gbé e sókè, torí náà ó di 0.19. Ínkọ́mà yóò wá ṣí ní 0.68, fídà ní 0.25. Àlàfo wọn jẹ́ 0.43, ó sì tó.

Ẹni tó bá ń fojú inú wò ó lè béèrè pé: bí fọ́ọ́tì náà kò bá sún mọ́ ibùdó ńkọ́, tó jẹ́ pé òpin láìnì, létí omi, ló ti ṣẹlẹ̀? Ìdènà wáyà gígùn á mú kí iná kéré sí i, ká ní 1,500 ámpíà. Fídà yóò gba 0.52. Ínkọ́mà á rí 1,500 yẹn pẹ̀lú ẹrù àwọn fídà yòókù, ká fi 450 kún un, síbẹ̀ yóò gba nǹkan bí 1.66. Àlàfo ti ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn àlàfo níbi tí iná ti pọ̀ jù: ibẹ̀ ni ìlà méjèèjì ti sún mọ́ra jù lọ. Bí àwọn méjèèjì bá fara mọ́ra níbẹ̀ láìkanra, wọn kò ní kanra níbòmíràn, bí ìlà méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà. Bí ẹnìkan bá lọ fi ìlà mìíràn tó ga jù sára ọ̀kan, wọ́n lè dábùú ara wọn láàárín, ẹni tó ṣírò igun kan ṣoṣo kò sì ní mọ̀.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fi TMS kan náà sára àwọn méjèèjì, bí Is ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ wò ó: bí ínkọ́mà náà bá wà ní 0.1, yóò pàṣẹ ní 0.36. Fídà ti pàṣẹ ní 0.25, ṣùgbọ́n bíréékà rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa la ẹnu ní 0.35. Àwọn méjèèjì á jọ ṣí. Lórí bébà, fídà ló ṣáájú. Ní àdúgbò, gbogbo wa la wà nínú òkùnkùn.

Ní Èkó, ohun tó ń ba ètò dáadáa jẹ́ jù kì í ṣe àìmọ ìṣirò. Ìpadàbọ̀ iná ni. Bí fídà kan bá ti wà láìní iná fún wákàtí mẹ́jọ, gbogbo fíríìjì àdúgbò á ti gbóná, fáànù àti áyọ́ọ̀nù á wà ní títàn sílẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó rántí pa wọ́n. Lọ́jọ́ tí iná bá dé tí àwọn ọmọdé pariwo "Ọ́ọ̀pù NEPA," gbogbo ẹrù yìí máa ń bọ́ sórí fídà lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìgbámú àkọ́kọ́ ti àwọn tiransifọ́mà orí òpó. Ìgbámú ti tiransifọ́mà kì í pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ti fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù lè dúró fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Ẹrù tó jẹ́ 300 ámpíà tẹ́lẹ̀ lè di 500, Is tó wà ní 400 á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní 500, kì í ṣe kíá ni yóò ṣí, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 3 ni, ṣùgbọ́n yóò ṣí. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á pa bíréékà dé, á tún ṣí. Fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọ̀gá á máa béèrè, àwọn ará àdúgbò á ti dé ẹnu géètì.

Níbẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń kan rílè. Ẹnìkan á ní kí wọ́n fi àkókò kún un fún fídà náà. Ká ní wọ́n gbé TMS rẹ̀ láti 0.1 sí 0.25. Fídà á wá ní ìfaradà díẹ̀ sí i, bí ẹrù bá sì rọlẹ̀ kí rílè tó ka àkókò tán, iná á dúró, gbogbo ènìyàn á lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ṣírò ohun tí wọ́n ṣe ní 6,000 ámpíà: fídà yóò wá gba 0.63, ínkọ́mà ṣì wà ní 0.68. Àlàfo ti di 0.05. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, torí pé fọ́ọ́tì òpin láìnì ṣì ní àlàfo tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí òpó kan bá wó nítòsí ibùdó, fídà àti ínkọ́mà á jọ lọ, ẹni tó yí TMS sì lè ti wà ní ibùdó mìíràn. Mo gbà pé èyí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ òkùnkùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní "wọ́n kàn mú un lọ ni."

Ọ̀nà tó tọ́ láti tọ́jú ìpadàbọ̀ iná kò fi bẹ́ẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú TMS. Bí fídà bá ní síwíìṣì ìpínsí lórí òpó, kí wọ́n dá iná padà ní apá kan kó tó kan èkejì. Bí rílè bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí wọ́n ti lè sọ fún un pé fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa bíréékà dé, kí Is ga sókè, kó sì padà sí ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ fẹ́ fi ọwọ́ ṣe nìyẹn, òun ni rílè ń ṣe láìgbàgbé láti dá a padà.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ètò ti bàjẹ́? Ojú rílè ni. Bí rílè bá pàṣẹ, asíá kékeré kan á já bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, tàbí kí iná pupa tàn, kọ̀ǹpútà á sì kọ àkókò sílẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá wọ ibùdó tí ínkọ́mà ti ṣí ni pé kó má ṣe gbé asíá kankan padà kó tó kọ gbogbo wọn sílẹ̀, ti fídà àti ti ínkọ́mà. Bí asíá ínkọ́mà àti ti fídà kan bá jọ já, tí bíréékà fídà náà sì ṣí, eré ìje ló ṣẹlẹ̀, àlàfo ló kéré. Bí asíá fídà bá já ṣùgbọ́n tí bíréékà rẹ̀ kò ṣí, rílè ti ṣe tirẹ̀. Kí wọ́n lọ wo kọ́ìlì bíréékà náà, fíúsì wáyà tó ń lọ síbẹ̀, àti apá irin inú bíréékà tó lè ti há. Ínkọ́mà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ẹ má ṣe bá a wí. Bí asíá ínkọ́mà nìkan bá já, ọ̀rọ̀ di ìwádìí: bóyá orí bọ́sìbà gan-an ni fọ́ọ́tì wà, bóyá síítì fídà kan ni wọ́n so ní 600/1 nígbà tí ìwé sọ 400/1, tí rílè sì ń rí iná kéré ju bó ṣe wà lọ. Àyẹ̀wò yìí ń gba àkókò, òun ni wọ́n sì máa ń fò kọjá tí wọ́n bá fẹ́ yára dá iná padà. Pípa ínkọ́mà dé padà sórí bọ́sìbà tó ní fọ́ọ́tì lè jó gbogbo pánẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ bọ́sìbà yìí fi hàn pé sùúrù ínkọ́mà ní iye tó ń náni. Bí ológbò bá kú sórí bọ́sìbà, tàbí tí kéébù kan bú nínú pánẹ́ẹ̀lì, kò sí fídà tí yóò kọ́kọ́ dá sí i. Ínkọ́mà nìkan ló wà, yóò sì dúró de fídà tí kò ní dé. Fún 0.68 ìṣẹ́jú-àáyá ni 6,000 ámpíà á fi máa jó níbẹ̀. Ìdánwò ńlá ni láti fún ínkọ́mà ní òdiwọ̀n tí ń ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí iná bá ti ju iye kan lọ. Ṣùgbọ́n lójú ínkọ́mà, fọ́ọ́tì orí bọ́sìbà àti ti ẹnu fídà kò yàtọ̀, 6,000 kan náà ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni òdiwọ̀n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ yóò ṣe: á máa ṣí fún méjèèjì. Ibi tí òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀ ti wúlò ni orí fídà, torí pé kò sí rílè mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ dúró dè. Bí wọ́n bá fi í sí 3,200 ámpíà, tó ga ju ìgbámú ìpadàbọ̀ iná lọ, fọ́ọ́tì ẹnu ibùdó á tán kíá, àyè á sì wà láti dín TMS ínkọ́mà kù, torí pé 3,200 ni ibi tí a ó ti wá máa wọn àlàfo báyìí, kì í ṣe 6,000 mọ́. Ìṣirò tí mo ṣe fún un gbé TMS ínkọ́mà wá sí 0.14, bọ́sìbà á sì bọ́ lọ́wọ́ fọ́ọ́tì ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá.

Ohun kan wà tí ètò yìí kò lè ṣe rárá. Bí wáyà 11 kV bá já, tó sì sùn sórí yanrìn gbígbẹ tàbí ọ̀dà títì, iná tó ń wọ ilẹ̀ lè má tó 20 ámpíà. Rílè tó ń wo 400 kò ní rí i. Nítorí èyí ni rílè ilẹ̀ fi wà lọ́tọ̀, tó ń ṣe àpapọ̀ iná wáyà mẹ́ta. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, òdo ni àpapọ̀ náà máa ń jẹ́, torí náà wọ́n lè fi í sí 80 ámpíà tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà ní TMS tirẹ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tò láàárín fídà àti ínkọ́mà bákan náà. Síbẹ̀ ó lè má rí 20 ámpíà. Wáyà tó sùn sílẹ̀ ní Bàríga lẹ́yìn òjò lè ní iná lára bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rílè ibùdó pé.

Ibi tó kù ni òkè. Lókè ínkọ́mà, rílè kan tún wà ní ẹ̀gbẹ́ 33 kV tiransifọ́mà, ó sì gbọ́dọ̀ dúró de ínkọ́mà. 6,000 ámpíà ní 11 kV jẹ́ 2,000 ní 33 kV. Bí a bá fi Is rẹ̀ sí 340 àti TMS sí 0.28, yóò ṣí ní 1.09. Lókè rẹ̀ náà, bíréékà láìnì 33 kV wà ní ibùdó ńlá, lábẹ́ àwọn tó ń bójú tó ìgbéná, òun náà sì gbọ́dọ̀ fi 0.4 kún un, ìyẹn 1.5. Bí àwọn yẹn bá sọ pé láìnì àwọn kò lè kọjá 1.2, torí pé àwọn náà ní ẹni tí wọ́n ń bá tò lókè wọn, ẹni tó ń to rílè ní Ṣómólú kò lè gbé òrùlé yẹn kúrò. Láti ìsàlẹ̀ ni yóò ti wá àyè. Pẹ̀lú rílè kọ̀ǹpútà níbi gbogbo àti àlàfo 0.3, fídà wà ní 0.25, ínkọ́mà ní TMS 0.16 wà ní 0.57, ẹ̀gbẹ́ 33 kV ní TMS 0.23 wà ní 0.89, láìnì sì bọ́ sí 1.19. Ó wọlé, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló kù. 0.3 yẹn sì dúró lórí pé bíréékà ń la ẹnu láàárín 0.1. Bíréékà olóróró tí wọn kò tíì pààrọ̀ òróró rẹ̀, tí gíríìsì apá irin rẹ̀ sì ti gan, lè gba ìlọ́po méjì àkókò yẹn, kò sì sí nọ́ńbà tí wọ́n lè kọ sójú rílè tí yóò dá a padà. Nítorí náà, kí wọ́n tó fọwọ́ kan TMS èyíkéyìí, ẹ̀rọ ìkakókò ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so mọ́ bíréékà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì kọ ohun tó kà sílẹ̀.